Ọjọ́ orí nínú ìpolówó iṣẹ́ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó ń wáṣẹ́ ni mo kọ èyí fún, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún tàbí ó ti lé ní àádọ́ta. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ ìpolówó pẹ̀lú. Mo ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sínú ìpolówó kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń bá wa wọ yàrá, a sọ ọ́ di ìbéèrè, ìbéèrè náà a sì di máàkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látorí ìpolówó.

Ìpolówó tí mo kà kò dárúkọ ọjọ́ orí kankan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ti ní ọjọ́ orí kan lọ́kàn?

Ẹni tó bá mọ òfin kì í sábà kọ "kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ" sílẹ̀ gbangba. Ìwà tàbí ìrísí tí gbogbo ènìyàn ti so mọ́ ọjọ́ orí kan ni yóò kọ. Bí o bá rí "ẹ̀jẹ̀ tuntun", "ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì", tàbí "ẹni tí wọ́n bí sínú ayé kọ̀ǹpútà", ẹni àádọ́ta ọdún tó bá kà á mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Bí o bá sì rí "ẹni tó dàgbà dénú" tàbí "ẹni tí àwọn oníbàárà yóò bọ̀wọ̀ fún", ọmọ ọdún méjìlélógún náà mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdọ́gba níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà rẹ̀: "ọ̀dọ́", "akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì" àti "ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè" wà lára ohun tí wọ́n ní ó ta ko òfin nínú ìpolówó, àfi bí iṣẹ́ náà bá wà lára èyí tí òfin yọ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀: kí ni ẹni tí wọ́n bá gbà yóò ṣe tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúlò? "Ẹni tó lè gbé àpótí oníkílò 20 láti ilẹ̀ sórí pẹpẹ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́" ń sọ iṣẹ́ fún mi. Bàbá ẹni ọdún 55 lè mọ̀ bóyá òun lè ṣe é, ọ̀dọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn náà lè mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. "Ọ̀dọ́ alágbára" kò sọ iṣẹ́ kankan. Àwòrán ènìyàn tí ẹni tó kọ ọ́ ti yà sọ́kàn ló sọ.

Nígbà míì, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń yọ ènìyàn kúrò. Ní 2017, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ mélòó kan tí wọ́n ń gbé ìpolówó iṣẹ́ síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé níbi tí ènìyàn ti ní láti yan ọdún tó jáde nílé ìwé tàbí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún tó wà nínú àkójọ náà kò lọ sẹ́yìn tó. Ẹni tí ọdún tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò lè parí fọ́ọ̀mù náà láìpurọ́. Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ lójúkojú, síbẹ̀ kò ráyè wọlé.

Iye ọdún ìrírí tí wọ́n ń béèrè ńkọ́? Ṣé ẹ̀tanú nìyẹn náà?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ó kéré tán, ọdún 10" jẹ́ ògiri níwájú ọ̀dọ́. "Kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ" jẹ́ ògiri níwájú àgbà. Àwọn méjèèjì ń lo kàlẹ́ńdà láti fi wọn ìmọ̀, kàlẹ́ńdà kò sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹni méjì lè lo ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó, kí ọ̀kan ti ṣe ìṣirò òpin ọdún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí èkejì má sì tíì fọwọ́ kàn án rí nítorí pé ìdí rìsíìtì nìkan ni wọ́n fi í sí. Bí ìpolówó bá kọ pé "kí ó ti ṣe ìṣirò òpin ọdún dé ìparí rẹ̀ rí", ó ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ láìka ọdún.

Ààlà òkè ni mo rò pé ó burú jù, nítorí ó ń fìyà jẹ ènìyàn lórí ohun tó mọ̀. Ẹjọ́ méjì fi hàn bí òfin ṣe yàtọ̀ síra lórí rẹ̀. Ní ìlú Milton Keynes ní Ìlú Ọba, ilé ìwé kan polówó iṣẹ́ olùkọ́ pé yóò bá ẹni tó ṣì wà láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mu. Olùkọ́ obìnrin ọmọ ọdún 61 kan kọ̀wé, wọn kò pè é. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ní owó àwọn ni kò tó láti san owó oṣù olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ iṣẹ́ kò gba àwáwí yìí, nítorí wọn kò mú ẹ̀rí tó tó wá láti gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá náà jàre.

Ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò ọmọ ọdún 58 kan rí ìpolówó tó béèrè ìrírí ọdún 3 sí 7, tí wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọ́dọ̀ ju 7 lọ. Ó kọ̀wé, wọn kò pè é, ọmọ ọdún 29 ni wọ́n gbà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Chicago dá agbẹjọ́rò náà lẹ́bi. Wọ́n ní abala òfin tó gbára lé, èyí tó ń dènà ìlànà tó dọ́gba lẹ́nu ṣùgbọ́n tó ń pa àwọn àgbà lára, àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹni tó ń wáṣẹ́ láti ìta. Irú ààlà kan náà ni, àbájáde méjì. Nítorí náà, kí o tó sọ pé ìpolówó kan rú òfin, kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí iṣẹ́ náà wà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ṣe ń dé inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò?

Ẹjọ́ kan láti Àríwá Ireland ṣàlàyé èyí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta pákó àti ohun èlò ìkọ́lé ń wá àwọn tí yóò máa bá a wá oníbàárà kiri. Nínú ìpolówó rẹ̀, ó ní òun ń wá ẹni tó ní "ìtara ọ̀dọ́". Ọkùnrin ọmọ ọdún 58 kan, tó mọ òwò pákó dáadáa, kọ̀wé, wọ́n sì pè é. Nígbà tó dé iwájú wọn, wọ́n ń bi í nípa ìtara àti ohun tí yóò máa mú orí rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ní irú ọjọ́ orí tó wà. Ẹni ọdún 42 àti ẹni ọdún 43 ni wọ́n gbà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ iṣẹ́ ní 2007, àwọn adájọ́ kò wo ìpolówó lọ́tọ̀, kí wọ́n wá wo ìbéèrè lọ́tọ̀. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìpolówó ti fi hàn pé ọjọ́ orí wà lọ́kàn wọn, ìbéèrè inú yàrá sì fi hàn pé kò kúrò lọ́kàn wọn. Èyí tó láti gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí olùpẹ̀jọ́, kí wọ́n gbé e ru agbanisíṣẹ́: òun ni yóò fi hàn pé ọjọ́ orí kò kó ipa kankan nínú ìpinnu náà. Kò lè fi í hàn.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìtara kò ṣeé wọ̀n. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé máàkì tí wọ́n kọ "ìtara" sí, pẹ̀lú 0 sí 5 níwájú rẹ̀, kò sí ohun tí olùwáṣẹ́ sọ tí mo lè tọ́ka sí pé èyí ni 3, èyí ni 4. Ojú rẹ̀ ni n ó wò. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kíákíá yóò gba 5, ẹni tó ronú kó tó dáhùn yóò gba 3. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó máa rò pé òun ṣe ẹ̀tanú, àmọ́ máàkì méjì yẹn ló máa pinnu ẹni tó gba iṣẹ́.

Ọ̀dọ́ ni mí. Irú ìbéèrè wo ni mo lè fi dá a mọ̀?

"Àwọn tí o máa darí ti tó bàbá ẹ, ṣé wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu?" "Ṣé o ò ní fi wá sílẹ̀ láìpẹ́ láti padà sílé ìwé?" "Ṣé iṣẹ́ yìí kò ní wọ̀ ẹ́ lọ́rùn báyìí?" Kò sí èyí tó béèrè ohun tí o ti ṣe rí. Gbogbo wọn ń béèrè pé kí o gbèjà ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Àmì míì ni owó: kí wọ́n fẹ́ fún ọ ní owó tó kéré sí èyí tí wọ́n kọ sí ìpolówó, kí wọ́n ní nítorí pé o kò tíì ní ẹrù ìdílé. Owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó ìdílé.

Ẹ̀tanú sí ọ̀dọ́ kò tíì rí ojú àánú tó ti àgbà, nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé ọ̀dọ́ yóò kúkú dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn pàdánù ló ń fa ìwé tó ṣófo, ìwé tó ṣófo yìí ni wọ́n á tún fi kọ̀ ọ́ níbòmíì. Ní Newcastle ní Ìlú Ọba, wọ́n lé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ó kéré jù fún iṣẹ́ náà àti pé àgbà tó ní ìrírí ni wọ́n nílò. Iṣẹ́ tó ti gbà ni wọ́n gbà padà, ẹjọ́ náà kò ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wá, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ rí bá ọ̀rọ̀ wa mu: iléeṣẹ́ náà ti ka ìmọ̀ sí ìrírí, ó sì ti ka ìrírí sí ọjọ́ orí, láìyẹ iṣẹ́ ọmọ náà wò. Wọ́n ní kí wọ́n san ohun tó lé ní pọ́n-ùn 16,000 fún un.

Mọ̀ pé kì í ṣe ibi gbogbo ni o ti lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ìdọ́gba ti 2010 ní Ìlú Ọba kan gbogbo ọjọ́ orí. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ọjọ́ orí, tí wọ́n ṣe ní 1967, ẹni tó ti pé 40 ọdún sókè nìkan ló ń dáàbò bò, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì sọ ní 2004 pé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fẹ́ràn àgbà ju ọ̀dọ́ lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ní òfin tiwọn tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ààlà ọjọ́ orí tọ̀nà?

Ó wà, bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un. Ní 2010, ilé ẹjọ́ àjọ ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí ìpínlẹ̀ Hesse ní Jámánì fi 30 ọdún ṣe ààlà fún ẹni tó fẹ́ di panápaná, nítorí wọ́n fi ẹ̀rí ìṣègùn hàn pé bí ọjọ́ ti ń lọ, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ní agbára tí ìjà pẹ̀lú iná ń gbà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ kan náà kọ 30 ọdún tí ìlú Oviedo ní Sípéènì fi ṣe ààlà fún ọlọ́pàá ìlú. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú kò fi gbogbo ìgbà gba agbára tó tó bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ara tó le sì ti wà nínú ìdánwò wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e yóò já níbẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọjọ́ orí ṣe?

Ṣé kí n yọ ọjọ́ ìbí àti ọdún tí mo jáde ilé ìwé kúrò nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ mi?

Yọ ọjọ́ ìbí, àfi tí òfin bá béèrè fún un. Bí o bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, o lè kọ oyè rẹ láìkọ ọdún, kí o sì ṣàlàyé iṣẹ́ ọdún 10 sí 15 tó kẹ́yìn ní kíkún, kí o fi ìlà kan tàbí méjì sọ èyí tó ṣáájú. Irọ́ kọ́ lèyí. Bí o bá jẹ́ ọ̀dọ́, kọ ohun tí o ṣe, má kọ ibi tí o ti ṣe é nìkan: "mo ṣètò ìpàdé fún ènìyàn 80, mo sì ṣe ìṣirò owó rẹ̀" wúlò, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni o ti ṣe é.

Àmọ́ mọ ibi tí agbára èyí mọ. Yóò mú ọ kọjá ẹni tó ń yẹ ìwé wò, wọn yóò sì rí ọ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019, wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tó lé ní 40,000 ránṣẹ́ sí àwọn iṣẹ́ tó wà lóòótọ́. Àwọn olùwáṣẹ́ inú ìwé náà kò sí láyé, wọ́n kàn kọ ọ́ kí ọjọ́ orí lè yàtọ̀. Fún iṣẹ́ inú ọ́fíìsì, àwọn obìnrin tí ìwé wọn fi hàn pé wọ́n wà ní 64 sí 66 ọdún rí bí ìdajì ìpè tí àwọn tó wà ní nǹkan bí 30 ọdún rí. Ti àwọn ọkùnrin kò hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí n sọ bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè nípa ọjọ́ orí?

Fi iṣẹ́ dáhùn. Bí wọ́n bá bi àgbà pé, "Ṣé ẹ máa lè gbàṣẹ lẹ́nu ẹni tó kéré sí yín?", ó lè sọ pé: "Ẹni tó kéré sí mi ni ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé a máa ń jókòó pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Bí mo bá rí ohun tí kò tọ́, mo máa ń sọ fún un níbẹ̀, ohun tó bá sì pinnu ni mo ń ṣe." Bí wọ́n bá bi ọ̀dọ́ bóyá àwọn àgbà yóò gbọ́ tirẹ̀, kó sọ ìgbà kan pàtó tó darí ẹni tó jù ú lọ, ohun tó fa àríyànjiyàn, àti bí ó ṣe parí. Má ṣe sọ pé "ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan". Ọ̀rọ̀ yẹn kò fún ẹni tó ń kọ máàkì ní ohunkóhun láti kọ sílẹ̀.

Ìdáhùn dáadáa lè yí ẹni tó ń ṣiyèméjì padà. Kò lè yí ẹni tó ti pinnu padà, ẹ̀bi rẹ sì kọ́ nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ló fà á, tàbí ẹlòmíì ló mọ iṣẹ́ jù mí lọ?

O lè má mọ̀ ọ́n dájú láé, nítorí ìbéèrè kan tó burú kò tó ẹ̀rí. Ohun tó ń di ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra: inú ìpolówó, inú ìbéèrè, inú ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ya àwòrán ìpolówó náà pa mọ́ lọ́jọ́ tí o bá kọ̀wé, torí wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò. Ní kété tí o bá jáde lọ́dọ̀ wọn, kọ àwọn ìbéèrè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an àti ẹni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, fi ìmeèlì béèrè ibi tí o kù sí. "Ìmọ̀ rẹ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí" kò sọ ohun tí o kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì yẹ kí o béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́: ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 180 ni òfin àpapọ̀ fi sílẹ̀ láti mú ẹ̀sùn lọ, tàbí 300 níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti ní òfin àti àjọ tirẹ̀ lórí rẹ̀.

Èmi ni mò ń kọ ìpolówó. Báwo ni kí n ṣe é?

Ká ní ohun tí o kọ́kọ́ kọ nìyí: "A ń wá ọ̀dọ́ aláápọn tó ní ìrírí ọdún 2 sí 4 láti darí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn." Bi ara rẹ ní ohun tí ẹni náà yóò ṣe láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí o wá kọ ìyẹn: "Ẹni tí a bá gbà yóò darí òṣìṣẹ́ 6 tó ń dáhùn ìpè àti ìmeèlì. Yóò pín àkókò iṣẹ́ wọn, yóò máa ka àpẹẹrẹ ìdáhùn wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì gba ẹ̀sùn tó bá le fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó bá kọ̀wé sọ ìgbà kan tó bá oníbàárà tí inú ń bí yanjú ọ̀rọ̀, àti ìgbà kan tó pín iṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíì."

Ìwé máàkì yóò wá tọ ìpolówó lẹ́yìn. Ìbéèrè kan náà ni kí gbogbo olùwáṣẹ́ gbà, kí a sì ti kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Lórí ẹ̀sùn oníbàárà, 1 lè jẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí àpẹẹrẹ. 3, pé ó sọ àpẹẹrẹ kan pẹ̀lú ohun tó ṣe. 5, pé ó sọ ohun tó ṣe, ohun tó yọrí sí, àti ohun tó yí padà kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹ tó bá ara yín sọ̀rọ̀, nítorí bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo yín yóò kọ.

Ká wá mú olùwáṣẹ́ méjì wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó ti darí àwọn tó ń dáhùn ìpè lálẹ́ fún oṣù mẹ́jọ. Èkejì jẹ́ ìyá ọdún 57, ó ti lo ogún ọdún níbi tí wọ́n ti ń tajà, ó sì ti ṣètò iṣẹ́ àwọn ènìyàn 10. Ìpolówó àkọ́kọ́ ì bá ti yọ àwọn méjèèjì kúrò: oṣù mẹ́jọ kò tó ọdún 2, ogún ọdún ju 4 lọ. Lábẹ́ ìpolówó kejì, àwọn méjèèjì yóò wọlé. Bí ọmọ yẹn bá gba 5 lórí ẹ̀sùn àti 3 lórí pínpín iṣẹ́, tí ìyá náà gba 3 àti 5, ẹ ní iyàn gidi láti jà, ẹ ó sì jà á lórí bóyá ẹ̀sùn oníbàárà tàbí ètò òṣìṣẹ́ ló ń yọ yín lẹ́nu jù níbi iṣẹ́ báyìí.